Ọkọ̀ Wo Lẹ Ń Wí?

Bí ọjà bá ń tà, inú ọlọ́jà máa ń dùn. Ìyẹn ò nílò àlàyé. Èyí tó nílò àlàyé ni pé kí ọjà máa tà wàràwàrà, kí àpò sì máa gbẹ. Ohun tó dé bá Ìyá Onímáṣíìnì nìyẹn, ó sì dà á lọ́kàn rú débi pé ó bu iyọ̀ sí tíì ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin náà sì mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀, torí ó rò pé ìbínú ni.

Máṣíìnì ìránṣọ ni obìnrin yìí ń kó wọlé láti òkè òkun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Páálí máṣíìnì kún apá ọ̀tún dé àjà, tábìlì àti ẹsẹ̀ irin wọn wà lápá òsì, oníbàárà tó bá sanra díẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ rìn kó tó kan tábìlì tí ìyá ń jókòó sí. Tíṣà ni ó máa ń pe ọkọ rẹ̀, nítorí olùkọ́ ìṣirò ni nílé ẹ̀kọ́ girama. Tíṣà kì í dá sí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò Tíṣà ló ń bá ìyá ṣiṣẹ́. Òun ló ń bá àwọn tó ń ṣe máṣíìnì sọ̀rọ̀ lórí fóònù, òun ló ń lọ sí báǹkì, òun náà ló ń sùn sí èbúté bí ẹrù bá dé. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ìyá wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ló ti fún àbúrò ọkọ yìí lórúkọ, ó ń pè é ní Eyínfúnjowó, nítorí eyín rẹ̀ funfun, kò sì lè rí nǹkan kó má rẹ́rìn-ín. Òun náà ń pe ìyá ní "ìyàwó mi". Àwọn oníbàárà tí kò mọ̀ wọ́n dáadáa máa ń wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ra ọjà tí à ń sọ yìí, igba máṣíìnì ni wọ́n béèrè fún. Tẹ́lẹ̀, dọ́là márùndínlọ́gọ́rin ni àwọn tó ń ṣe é máa ń gbà lórí ẹyọ kan. Lọ́tẹ̀ yìí akọ̀wé tuntun ló gbé fóònù lọ́hùn-ún, Eyínfúnjowó sì bá a sọ̀rọ̀ títí, ó wá yí sí ìyá.

"Ìyàwó mi, ọgọ́ta dọ́là ni wọ́n pè é o. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ò sí nínú ẹ̀."

"Ìgbà wo ló wà nínú ẹ̀ rí?" ni ìyá fi dá a lóhùn. Inú rẹ̀ ti ń dùn. Ọgọ́ta dípò márùndínlọ́gọ́rin! Ó ní kí wọ́n yáa san àsanṣáájú kí wọ́n tó yí ọkàn padà.

Ọjà dé. Ìyá jókòó, ó ṣe ìṣirò bó ṣe máa ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́, ó gbà pé kò sẹ́ni tó lè kọ́ òun níyẹn. Ọgọ́ta dọ́là, ẹgbẹ̀rún kan owó ilé ni wọ́n ra dọ́là kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún. Ó pín owó kọ́sítọ́mù sórí igba máṣíìnì, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ló kan ẹyọ kan. Owó ajẹ́ńtì tó gba ẹrù jáde àti owó tí èbúté ń gbà, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Owó ọkọ̀, ẹgbẹ̀rún méjì. Àròpọ̀ rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ó fi èrè ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá lé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páálí ní àádọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún.

Ẹ̀yin ará ibí yìí, àwọn èèyàn ya wọlé. Àwọn tó ń ta irú máṣíìnì kan náà ní òpópónà yẹn ń tà á ní àádọ́fà ẹgbẹ̀rún, bí ẹni pé wọ́n fi wúrà ṣe é. Àwọn aránṣọ ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀kánkán rán àwọn èèyàn wá ra ogún nínú rẹ̀, ó ń tún un tà lọ́hùn-ún, ìyá sì rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ra ọjà ni. Orí ìyá wú.

Àfi ìgbà tó tà tó ìdajì, tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ fún ọjà mìíràn. Ó lọ sí báǹkì, ó bi wọ́n léèrè ohun tó kù, wọ́n sọ fún un. Ó ní kí wọ́n tún un wò. Wọ́n tún un wò. Ó bọ́ síta, ó dúró lórí àtẹ̀gùn báǹkì, kò mọ apá ibi tí òun ti wá mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Tíṣà bá a to gbogbo iye náà pọ̀ lórí tábìlì oúnjẹ. Ó wo ìṣirò ìyàwó rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Àròpọ̀ yìí dáa," ni Tíṣà wí. "Kò sí àṣìṣe kankan."

"Mo mọ̀ pé ó dáa! Mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti irínwó ẹgbẹ̀rún ló yẹ kí gbogbo ọjà náà ná mi. Báǹkì ní ohun tó jáde fi mílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbo ló gbà?"

"Bó ṣe jẹ́ pé àròpọ̀ yìí dáa..."

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́."

Tíṣà yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wá ibi tí ọmọ ilé ìwé gbé ṣì í, kò sì sí ohun tó ń bí i nínú bí ìdáhùn tí kò tọ̀nà tí gbogbo ìlà rẹ̀ tọ̀nà. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, ó bi í pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ra dọ́là?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. A san ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a san ìyókù nígbà tí wọ́n parí rẹ̀."

"Ẹgbẹ̀rún kan lẹ rà á lẹ́ẹ̀mejèèjì?"

Ìyá tún wo ìṣirò rẹ̀. Rárá o. Ìgbà tí iṣẹ́ fi máa parí, dọ́là ti gòkè. Ẹgbẹ̀rún kan àti ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ra ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, èyí tó sì pọ̀ jù nínú owó ọjà ni wọ́n san nígbà yẹn. Ó ti fi iye ọjọ́ àkọ́kọ́ ka gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé dọ́là dúró dè é. Tíṣà tẹ ẹ̀rọ ìṣirò, ó ní ọ̀jìlélẹ́gbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún ló sá lọ níbẹ̀. Ara tu ìyá díẹ̀, nítorí ó sàn kéèyàn mọ ibi tí owó gbà ju kó má mọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n Tíṣà kò tíì gbé ẹ̀rọ sílẹ̀. "Ó ṣì ku mílíọ̀nù mẹ́ta àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún," ló wí. "Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ dọ́là."

Eyínfúnjowó wọlé ní ìrọ̀lẹ́ yẹn náà, ó wá fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù hàn wọ́n pé òun ti tìlẹ̀kùn, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ìyá ní kó jókòó.

"Eyínfúnjowó mi, owó kan wà tí mi ò rí ojú ẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta."

"Nínú owó ọjà?" Ó ronú díẹ̀. "Owó ọkọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ti kà á mọ́ ọn?"

"Mo ti kà á."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Èló ni gbogbo ẹ̀?"

"Tí ẹ bá pa á pọ̀, mílíọ̀nù mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún."

Ìyá wo ẹnu rẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, eyín rẹ̀ funfun báláú, bí ẹni tó ń sọ iye owó ìgbálẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin fún ọkọ̀ tó gbé ẹrù láti èbúté wá sí ṣọ́ọ̀bù! Ṣé orí lọkọ̀ fi rù ú ni? Ìyá ní ó dáa, ẹ máa lọ sinmi. Kò dáa. Kò sùn.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó lọ bá awakọ̀ tírélà tó gbé ẹrù náà. Ó bá a lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta.

"Irínwó ẹgbẹ̀rún ni, màámi," ni ẹsẹ̀ méjèèjì dáhùn. "Àbúrò ọkọ yín ló fún mi. Bí mo bá gba eépìnnì lé e, kí ọkọ̀ yìí jábọ́ lé mi."

Irínwó ẹgbẹ̀rún. Ẹgbẹ̀rún méjì méjì lórí igba máṣíìnì, bó ṣe wà nínú ìṣirò ìyá gẹ́lẹ́. Bí a bá yọ irínwó kúrò nínú ohun tí Eyínfúnjowó pè, mílíọ̀nù mẹ́ta àti ọ̀ọ́dúnrún ló kù, iye tó sọnù gan-an láìlé láìdín. Ìyá pe ajẹ́ńtì èbúté lórí fóònù níbi tó dúró sí.

"Ṣé lóòótọ́ ni àbúrò ọkọ mi san owó ọkọ̀ tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ?"

"Ó san án pé pérépéré, màmá. Èmi àti ẹ̀ la jọ lọ san án."

Ẹ̀n-ẹ́n. Èmi àti ẹ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ jẹ ẹ́. Ìyá pa fóònù láìkí i pó dàbọ̀.

N kò ní bo ìyá mọ́lẹ̀ níbí yìí: ó sunkún. Kì í ṣe tìtorí owó nìkan. Eyínfúnjowó ló gbé e lọ sílé ìwòsàn nígbà tó fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀, Tíṣà wà níbi ìdánwò. Kò mọ bí èèyàn yẹn ṣe lè wo ojú òun, kó rẹ́rìn-ín, kó sọ pé owó ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu rárá, ìṣirò sì ní bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tíṣà pe àbúrò rẹ̀ sí pálọ̀. Ó ń ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ń tú u sílẹ̀.

"Àbúrò mi, awakọ̀ ní irínwó ẹgbẹ̀rún lòun gbà."

"Òótọ́ ló sọ." Eyínfúnjowó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà dúró. Ó yí sí ìyá. "Ẹ lọ bi dírẹ́bà?"

"Mo ti kọ́kọ́ bi ẹ̀yin," ni ìyá wí. "Ẹ ní owó ọkọ̀ ni."

"Owó ọkọ̀ náà ni! Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n san án? Ṣé mi ò sọ fún yín kí á tó ra ọjà?"

"Ẹ sọ ọ́. Mi ò ní kí ẹ san mílíọ̀nù mẹ́ta."

"Kí ni ẹ fẹ́ kí n fi gbé e wá, orí mi?"

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó ti ń wu èmi alára kí n wọ pálọ̀ yẹn lọ bá wọn là á. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ òótọ́, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí ẹnì kejì wí. Tíṣà ní kí àbúrò òun mú rìsíìtì wá. Eyínfúnjowó ní ó wà lọ́wọ́ ajẹ́ńtì, òun ni wọ́n fi gba ẹrù jáde. Ìyá ní, "Ajẹ́ńtì tí ẹ jọ jẹ ẹ́ náà kọ́!" Ohùn rẹ̀ lọ sókè ju bó ṣe fẹ́ lọ. Eyínfúnjowó yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù nínú àpò, ó gbé e sórí tábìlì, ó jáde. Kò ti ilẹ̀kùn gbàgà. Ńṣe ló rọra pa á dé.

Látìgbà náà, ìyá nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun máa fi títà ọjà dí owó tó sọnù. Ó ń tà á láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó tún ń pe àwọn aránṣọ lórí fóònù pé iye yìí ò ní pẹ́ tán. Páálí ń dín kù lápá ọ̀tún, ògiri tí kò rí láti oṣù tó kọjá ti ń yọjú. Síbẹ̀, bó ṣe ń tà tó, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń rú tó. Ó mọ̀ pé èrè wà lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó kàn ń fura sí owó tó ń wọlé ni, bí ẹni pé ó ń wọlé pẹ̀lú bàtà ẹlòmíràn.

Ohun tó wá gbé e lọ sí èbúté kò tóbi. Ó ń ṣe ìṣirò ọjà tuntun, ó fẹ́ mọ iye tí kọ́sítọ́mù yóò gbà. Ó mọ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń gbà lórí máṣíìnì, àti pé iye tí àwọn fúnra wọn bá fi sí dọ́là lọ́jọ́ tí ìwé bá wọlé ni wọ́n ń lò, kì í ṣe ti báǹkì. Nígbà yẹn, ẹgbẹ̀rún kan àti igba ni. Ó wá dán an wò lórí ọjà tó wà nílẹ̀. Igba máṣíìnì ní ọgọ́ta dọ́là, ẹgbẹ̀rún méjìlá dọ́là. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan àti igba dọ́là. Ó sọ ọ́ di owó ilé. Kò tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún ni àwọn san fún kọ́sítọ́mù, òun fúnra rẹ̀ ló sì lọ san án.

"Wọ́n tún jẹ ti kọ́sítọ́mù!" ni ìyá kígbe nínú ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo. Ó kó gèlè rẹ̀ mọ́rí, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wọ ọkọ̀ lọ sí èbúté.

Ọ́fíìsì ajẹ́ńtì kò ju yàrá kan lọ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń to kọ̀ǹténà lé ara wọn, ariwo ẹ̀rọ tó ń gbé wọn kò sì dákẹ́, èèyàn gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni ń jà. Ìyẹn bá ìyá lára mu lọ́jọ́ náà.

"Ẹ ti jẹ owó mi run," ló fi wọlé. "Owó kọ́sítọ́mù tí mo san kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá!"

Ajẹ́ńtì fa àga fún un. Ọkùnrin tí ìdààmú oníbàárà ti mọ́ lára ni, ó sì ń fi sùúrù sọ̀rọ̀. "Kò kọjá rẹ̀, màmá. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dọ́là ni."

"Ẹgbẹ̀rún méjìlá ni mo ra ọjà mi!"

"Ẹgbẹ̀rún méjìlá lẹ ra ọjà. Àmọ́ kọ́sítọ́mù kì í wo owó ọjà nìkan. Wọ́n máa fi owó ọkọ̀ àti ti ìbánigbófò, èyí tí wọ́n ń san nítorí ewu ọ̀nà, lé e kí wọ́n tó gé ìdá tiwọn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là nìyẹn. Méjìlá àti mẹ́ta, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Ọ̀rọ̀ náà wá dà rú pátápátá lójú ìyá. "Kọ́sítọ́mù ń gba owó orí lórí owó ọkọ̀ mi?"

"Lórí ti gbogbo èèyàn."

"Báwo ni wọ́n ṣe mọ iye tí mo máa san fọ́kọ̀? Ẹrù ṣì wà ní àhámọ́ wọn nígbà yẹn! Ọkọ̀ ò tíì wá gbé e!"

Ajẹ́ńtì wò ó. "Ọkọ̀ ti gbé e dé, màmá. Ṣebí òun ló gbé e wá sí èbúté."

"Tírélà yẹn kọ́ ló..."

"Tírélà kẹ̀?" ni ajẹ́ńtì wí. "Ọkọ̀ wo lẹ ń wí?"

Ó nawọ́ sí fèrèsé. Lẹ́yìn àwọn kọ̀ǹténà, ọkọ̀ ojú omi ńlá kan fẹ̀yìn ti èbúté, ó ga ju ilé tí wọ́n jókòó sí lọ, àwọn èèyàn tó wà lórí rẹ̀ kéré bí abẹ́rẹ́. Ìyá ti ń rí irú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń ṣòwò, kò sì rò ó rí pé òun lóun ń sanwó rẹ̀.

Ajẹ́ńtì wá là á yé e. Nígbà tí dọ́là márùndínlọ́gọ́rin ni máṣíìnì, àwọn tó ń tà á ló ń san owó ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti fi í pamọ́ sínú iye tí wọ́n ń pè. Lọ́tẹ̀ yìí, iye ọjà títí dé èbúté tiwọn lọ́hùn-ún ni akọ̀wé tuntun pè. Ẹni tó rà á ni yóò san owó ọkọ̀ láti ibẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ san án, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là, òun àti ìbánigbófò, ní ẹgbẹ̀rún kan àti ọgọ́rùn-ún owó ilé lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan. Ajẹ́ńtì tẹ rìsíìtì náà síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá ò wò ó. Ó ti mọ iye tó wà níbẹ̀: mílíọ̀nù mẹ́ta àti ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún. Ó wá rántí pé Eyínfúnjowó ti sọ fún òun. Owó ọkọ̀ ò sí nínú ẹ̀. Òun lòun dá a lóhùn pé ìgbà wo ló wà nínú ẹ̀ rí. Ó ti wà nínú ẹ̀ nígbà gbogbo. Dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń yọ̀ lé lórí, wọn ò dín in kù fún un rárá. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n yọ kúrò.

"Ajẹ́ńtì," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "ẹ dákun, ẹ bá mi pa gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹyọ kan."

Ajẹ́ńtì pa á pọ̀. Owó ọjà pẹ̀lú iye dọ́là méjèèjì, ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta àti igba. Ọkọ̀ ojú omi àti ìbánigbófò, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Kọ́sítọ́mù mẹ́sàn-án. Gbígba ẹrù jáde mẹ́fà. Tírélà méjì.

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin," ni ajẹ́ńtì wí. "Èló lẹ ń tà á?"

Ìyá ní kó fún òun lómi mu.

Kò padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí wọ́n sọ fún un pé Eyínfúnjowó wà ló gbà lọ, ilé iṣẹ́ aránṣọ kan níbi tó ti ń bá wọn tún máṣíìnì tó bàjẹ́ ṣe. Yàrá náà kún fún òwú àti àjákù aṣọ. Ọkùnrin náà jókòó sórí àpótí, ó tú máṣíìnì kan sílẹ̀ síwájú, epo wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Àwọn aránṣọ obìnrin mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ lápá kan. Nígbà tí ìyá kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn dúró lórí pẹ́dà.

"Ọkọ mi, ẹ dárí jì mí. Ọkọ̀ ojú omi ni. Mi ò mọ̀. Mo rò pé tírélà ni."

Eyínfúnjowó gbójú sókè. Ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń fi èdè mìíràn bá sọ̀rọ̀. "Ẹ rò pé tírélà gba mílíọ̀nù mẹ́ta?"

"Ìdí tí mo fi rò pé... pé ẹ..."

"Háà." Ó gbé nọ́ọ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Háà! Èmi náà ti ń ronú ẹ̀ títí, mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Mo ní bóyá ẹnì kan ló lọ bá yín sọ nǹkan nípa mi. Ẹ dìde, ìyàwó mi, ilẹ̀ níbí kún fún abẹ́rẹ́."

Ìyá dìde. Ara rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀, ó sì yára sọ ohun tó kù lọ́kàn rẹ̀. "Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Mo ti ń tà á ní àdánù. Ó ná wa ní..."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin."

Ìyá la ẹnu sílẹ̀. "Ẹ mọ̀?"

"Ọjọ́ tí ẹ bi mí nípa owó tó sọnù, tí ẹ ní kí n lọ sinmi, mo délé, mo jókòó tì í. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ẹgbẹ̀rún méje ó lé là ń pàdánù lórí ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ iye tí à ń tà á, ọ̀dọ̀ yín ló wà, mi ò wò ó rí. Mo ní bí mo bá ti rí yín lọ́jọ́ kejì, n óò sọ fún yín kí ẹ dá títà dúró." Ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Nígbà tí mo fi máa rí yín, ẹ ti lọ bá dírẹ́bà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ ní pálọ̀? Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ sọ ọ́!"

"Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ẹni tí ẹ pè ní olè, kó ní kí ẹ fi owó lé ọjà? Ẹ óò ní ó tún fẹ́ ibi tó ti máa jẹ òmíràn ni."

Ìyá fẹ́ sọ pé rárá, òun ì bá gbọ́. Ó mọ̀ pé òun ò ní gbọ́. Òun ì bá tún bínú sí i, òun ì bá tún tà sí i.

"Mélòó lẹ ti tà látìgbà náà?" ni Eyínfúnjowó bi í. Kò fi ṣe ẹ̀gàn, ó fẹ́ mọ̀ ni.

Ìyá rántí ògiri tó ti yọjú lápá ọ̀tún. Ó rántí àwọn aránṣọ tó ń pè lórí fóònù fúnra rẹ̀, tó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tètè wá. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó nà án sí i.

Eyínfúnjowó fi ọwọ́ tó ti mọ́ hàn án, ṣùgbọ́n kò fi gbà á. "Ẹ mú un dání ná. Ẹ lọ ṣí àwọn iye tí ẹ lẹ̀ mọ́ páálí kúrò lónìí, kí ẹnì kankan má tún rà á. Lọ́la n óò wá bá yín ṣe ìṣirò ọjà tuntun."

"Ṣé ìyẹn ni pé ẹ ti padà?"

"Mo ní n óò wá ṣe ìṣirò."

Ó tẹ̀ sórí máṣíìnì rẹ̀, ó ń wá nọ́ọ̀tì tó gbé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà wọn padà. Ìyá Onímáṣíìnì dúró láàárín wọn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò mọ̀ bóyá wọ́n ti dárí ji òun ni tàbí wọn ò tíì dárí ji òun, ó sì ń tijú láti béèrè.